Ibi tí ₦87,150 gbà lọ

Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ sọ pé ₦250,000 ni owó oṣù rẹ̀. Nígbà tí oṣù parí, àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì sọ pé ₦162,850 ló wọlé. ₦87,150 ni kò dé ọwọ́ rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni obìnrin yìí, a gbé e kalẹ̀ kí ìṣirò náà lè yé ènìyàn ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ lọ súà láwọn ọ́fíìsì Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ àti Èkó. Akọ̀wé ni nílé-iṣẹ́ aládàáni kan n'Ìbàdàn. Ilé tó háyà ló ń gbé, ₦600,000 ló sì ń san lórí rẹ̀ lọ́dún. Ó ní ọmọ kan tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń jáde lẹ́nu òṣìṣẹ́ ni pé ìjọba ti gé owó òun. Ìwé owó oṣù rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ₦87,150 yẹn, ₦23,150 péré ni owó orí. ₦16,000 lọ sínú àpò ìfẹ̀yìntì, tirẹ̀ ló sì ṣì jẹ́. ₦3,000 lọ sí àpò owó ilé gbígbé. ₦45,000 tó kù, tó lé ní ìdajì gbogbo rẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọ́fíìsì wọn ló gbà á, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa yọ ọ́. Ẹni tí kò bá ya àwọn mẹ́rin yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò ní mọ èyí tó lè bá ilé-iṣẹ́ jà lé lórí, kò sì ní mọ èyí tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ dín kù.

Bí wọ́n ṣe pín owó oṣù

Ibi tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe pín ₦250,000 náà nínú ìwé owó oṣù. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, bésíìkì jẹ́ ₦120,000, owó ilé jẹ́ ₦50,000, owó ọkọ̀ jẹ́ ₦30,000, owó oúnjẹ àti àwọn wẹ́wẹ̀wẹ́ yòókù sì jẹ́ ₦50,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wo ibẹ̀ rárá, nítorí wọ́n rò pé bó ṣe wù kí wọ́n pín in, owó kan náà ni. Ṣùgbọ́n ìpín yìí ló ń sọ iye tí wọn yóò yọ fún ìfẹ̀yìntì. Òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 8 nínú 100, kí agbanisíṣẹ́ náà sì dá ó kéré tán ìdá 10 nínú 100. Iye tí wọn yóò fi ṣírò ìdá náà kò gbọdọ̀ kéré sí bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ tí a bá pa pọ̀.

Tiwa jẹ́ ₦200,000 tí a bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìdá 8 nínú rẹ̀ ni ₦16,000 tí wọ́n yọ lára owó oṣù rẹ̀. Ìdá 10 ni ₦20,000 tí ilé-iṣẹ́ fi kún un látinú àpò tiwọn. Nítorí náà, ₦36,000 ló yẹ kó máa wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣooṣù.

Ó yẹ kí ẹni tó ń wáṣẹ́ kíyè sí ₦20,000 ti ilé-iṣẹ́ yìí. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan a máa kà á mọ́ iye tí wọ́n ń pè ní odindi owó oṣù nígbà tí wọ́n bá ń bá ènìyàn ṣàdéhùn, wọn a ní iṣẹ́ náà jẹ́ ₦270,000. Ẹni tó gbọ́ ₦270,000 ti fi ọkàn rẹ̀ ná ₦20,000 tí kò lè fọwọ́ kàn títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Kí ó tó fọwọ́ sí lẹ́tà, ó yẹ kí ó bèèrè bóyá owó ìfẹ̀yìntì tí ilé-iṣẹ́ ń dá wà nínú iye tí wọ́n dárúkọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níhìn-ín ni kí ilé-iṣẹ́ ṣírò owó ìfẹ̀yìntì lórí bésíìkì nìkan. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé yìí, ₦9,600 ni wọn yóò yọ lára tirẹ̀ dípò ₦16,000, ₦12,000 ni wọn yóò sì fi kún un dípò ₦20,000. Inú òṣìṣẹ́ mìíràn a dùn sí i pé wọn kò yọ púpọ̀. Kò yẹ kó dùn. Iye tí yóò fi lé sí i lọ́wọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ tó ₦6,400, nítorí owó tí kò bá lọ sí ìfẹ̀yìntì ni wọn yóò gba owó orí lé lórí. ₦5,440 ló máa kù. Àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní tirẹ̀ pàdánù ₦14,400 lóṣù kan, tó jẹ́ ₦172,800 lọ́dún. Lápá ibi tí ilé-iṣẹ́ ti jèrè ni òṣìṣẹ́ ti pàdánù jù.

Ohun kejì tó yẹ kí ó yẹ̀ wò ni bóyá owó náà dé ibi tó ń lọ. Pé wọ́n kọ ₦16,000 sínú ìwé owó oṣù kò fi hàn pé wọ́n ti san án. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó oṣù ni òfin ní kí agbanisíṣẹ́ fi owó náà ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì a sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún oní-àkáǹtì bí owó bá wọlé. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ kò bá dé, kí ó bèèrè fún àkọsílẹ̀ àkáǹtì náà, kí ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó oṣù, kí ó máa fi oṣù wé oṣù. Oṣù tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ ni wọ́n yọ tí wọn kò san. Ẹ̀sùn gidi ni èyí. Òfin fi ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú 100 iye tí wọn kò san lé orí agbanisíṣẹ́ fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi gbé e pamọ́, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì sì ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Àkáǹtì yìí kan náà ló lè gba ènìyàn kalẹ̀ bí iṣẹ́ bá bọ́. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gba tó ìdá mẹ́rin owó tó wà níbẹ̀. Bí àkáǹtì bá wá ṣófo nítorí pé agbanisíṣẹ́ kò san, ìyẹn ni òṣìṣẹ́ máa ń mọ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

₦3,000 ti owó ilé gbígbé kò gba àlàyé púpọ̀. NHF ni wọ́n sábà máa ń kọ síwájú rẹ̀ nínú ìwé owó oṣù. Ìdá 2.5 nínú 100 bésíìkì ni, Báǹkì Ìyáwó-Ilé ti Ìjọba Àpapọ̀ ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni kì í yọ ọ́ rárá. Ẹni tí wọ́n bá ń yọ tirẹ̀ kàn rí i dájú pé wọ́n yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí, nítorí òfin kò ní kí wọ́n gba owó orí lórí rẹ̀.

Owó orí

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2026. Ó yí bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó orí òṣìṣẹ́ padà láti ìdí. Látẹ̀yìnwá, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń rí ìdẹ̀ra kan gbà láìbèèrè: wọ́n á kọ́kọ́ yọ ₦200,000 àti ìdá márùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí owó orí tó bẹ̀rẹ̀. Òfin tuntun fagi lé ìyẹn. Ohun tó fi rọ́pò rẹ̀ ni pé ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí kankan, àti pé ẹni tó háyà ilé lè yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé tó san kúrò, bí kò bá ti kọjá ₦500,000. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, tó jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024, kò san owó orí rárá.

Ìpele ìpele ni owó orí náà wà, bí ẹni ń pọn omi sínú ìkòkò tí wọ́n tò tẹ̀ léra: èyí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kún kí omi tó kan èkejì. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò san nǹkan kan. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15 nínú 100. ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé ìyẹn ń san ìdá 18. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé ìdá 25 fún owó tó bá ti kọjá ₦50,000,000 lọ́dún, ṣùgbọ́n ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ òṣìṣẹ́ tó ń ka ìwé yìí yóò bá pàdé.

Owó ọdún kan ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ti oṣù kan. ₦250,000 ní ọ̀nà 12 jẹ́ ₦3,000,000. Ìfẹ̀yìntì ọdún kan jẹ́ ₦192,000, owó ilé gbígbé jẹ́ ₦36,000. Owó ilé tó ń san jẹ́ ₦600,000, ìdá 20 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ₦120,000. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ kúrò. Ìṣirò náà nìyí:

```
3,000,000 − 192,000 − 36,000 − 120,000 = 2,652,000
2,652,000 − 800,000 = 1,852,000
1,852,000 × 15% = 277,800
277,800 ÷ 12 = 23,150
```

₦23,150 ló yẹ kó wà ní ẹ̀gbẹ́ PAYE nínú ìwé owó oṣù rẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, owó oṣù kan náà yìí ìbá san nǹkan bí ₦25,974. Ìdẹ̀ra díẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdẹ̀ra tó nílò ìwé ni.

Ìwé tí à ń wí ni rìsíìtì owó ilé. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ sọ iye tó san gan-an kí wọ́n tó lè yọ nǹkan kan kúrò nítorí rẹ̀. Akántáńtì tí kò rí ẹ̀rí kankan kò ní fi ₦120,000 yẹn sí ìṣirò, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Owó orí akọ̀wé wa yóò wá di ₦24,650. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,500 lóṣù, ₦18,000 lọ́dún. Fún ẹni tó ń san ₦2,500,000 fún ilé l'Ékòó, tí ìpele owó orí tirẹ̀ sì ti dé ìdá 18, ìyàtọ̀ náà lè tó ₦90,000 lọ́dún. Nítorí náà, kí ó tó san owó ilé tó kàn, ó yẹ kí ó gba owó náà gba báǹkì kọjá dípò kó kà á lé onílé lọ́wọ́, kí ó gba rìsíìtì tó ní orúkọ òun àti àdírẹ́sì ilé, kí ó sì fún akántáńtì ní ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí èyí, nítorí kò san owó ilé fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó dára nípa ṣíṣe ìṣirò fúnra ẹni ni pé, bí akántáńtì bá ṣe àṣìṣe, iye tó kọ ló máa ń tú u fó. Bí akọ̀wé yìí bá rí ₦24,650, ó mọ̀ pé owó ilé ni wọn kò yọ. Bí ó bá rí ₦27,500, wọn kò yọ ohunkóhun: wọ́n mú ₦3,000,000, wọ́n yọ ₦800,000, wọ́n sì gba ìdá 15 nínú èyí tó kù láìka ìfẹ̀yìntì sí. Bí ó bá rí ₦37,500, wọ́n kàn fi ìdá 15 gé odindi owó oṣù rẹ̀ ni, bí ẹni pé kò sí ₦800,000 tí kì í san owó orí. Bó bá sì jẹ́ nǹkan bí ₦25,974, a jẹ́ pé ìwé ìṣirò ti ọdún 2025 ni wọ́n ṣì ń lò. Ó lè mú ìwé pélébé kan lọ bá akántáńtì, kí ó fi ìlà mẹ́rin òkè yẹn hàn án, kí ó sì bèèrè ibi tí tirẹ̀ ti yàtọ̀. Ìbéèrè báyìí kì í dá ìjà sílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá wọlé pé wọ́n ń jí owó òun.

Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí yìí, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ẹni tó ń gbé ní Mowé tàbí Ìbàfò, tó ń ti ibẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni owó orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ tó bá nílò ìwé ẹ̀rí owó orí, bóyá fún iṣẹ́ kọngílá tàbí fún ìwé ilẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé Èkó ni wọ́n ti ń san án sí láti ọdún yìí wá. Kò ju kí ó rí i pé àdírẹ́sì ilé òun tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ jẹ́ èyí tí òun ń gbé báyìí.

Owó ìsinmi ọdún náà ń san owó orí. Ká ní ilé-iṣẹ́ akọ̀wé yìí ń fún wọn ní ìdá mẹ́wàá bésíìkì ọdún kan gẹ́gẹ́ bí owó ìsinmi, yóò jẹ́ ₦144,000. Ìdá 15 rẹ̀, ìyẹn ₦21,600, lọ sí owó orí. ₦122,400 ni yóò wọlé, iye yìí ló sì yẹ kí ó fi ṣètò.

Láti ₦207,850 sí ohun tí à ń ná

Bí wọ́n bá yọ ìfẹ̀yìntì, owó ilé gbígbé àti owó orí, ₦207,850 ló kù. Ohun tí òfin ní kí wọ́n yọ ti parí síbẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló wá gba ₦45,000 lẹ́yìn náà: ₦20,000 jẹ́ owó tó ń fi pamọ́, ₦25,000 jẹ́ owó tó fi ń san ẹ̀yáwó tó gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Àwọn kan rò pé bí owó tí ẹgbẹ́ ń yọ bá ṣe pọ̀ tó ni owó orí wọn yóò ṣe dín kù tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lẹ́yìn owó orí ni wọ́n ń yọ ti ẹgbẹ́.

Ó wá ku ₦162,850. Ohun tó ń ná lóṣooṣù kò ṣòro láti kà. Oúnjẹ ilé jẹ́ ₦60,000. Ọkọ̀ lọ ọkọ̀ bọ̀ jẹ́ ₦1,200 lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 22 ló sì wà lóṣù, èyí jẹ́ ₦26,400. Iná mànàmáná àti dátà fóònù jẹ́ ₦12,000. Ó ń fi ₦10,000 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦108,400. Bó bá wo àkáǹtì rẹ̀ lópin oṣù, yóò rí ₦54,450 tó ṣẹ́ kù, yóò sì rò pé òun rọ́wọ́ mú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìnáwó tí ò yẹ ti ń wọlé: aṣọ ẹbí tí kò pọn dandan, fóònù tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀, owó tí wọ́n yá ẹlòmíràn.

Àmọ́ owó ilé kò tíì sí nínú ìṣirò yẹn, owó ilé-ìwé ọmọ náà kò sí níbẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì kì í wá lóṣooṣù. ₦600,000 owó ilé tí a bá pín sí oṣù 12 jẹ́ ₦50,000. Owó ilé-ìwé jẹ́ ₦45,000 ní sáà kan, sáà mẹ́ta ló wà lọ́dún, ó jẹ́ ₦135,000. Bí a bá pín in sí oṣù 12, ₦11,250 ni. Àwọn méjèèjì jẹ́ ₦61,250. ₦54,450 tó dà bí èrè tẹ́lẹ̀ kò wá tó mọ́, ó fi ₦6,800 dín. Lọ́dún kan, gbèsè ₦81,600 ló ń gorí ara rẹ̀ láìfariwo. Ohun tó fà á tí wọ́n fi ń lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún tí owó ilé bá tó san nìyẹn, tí wọ́n á sì fi oṣù 12 tó tẹ̀ lé e san án pẹ̀lú èlé.

Bí ó bá ti rí ₦6,800 yìí ní kedere, ọ̀nà méjì ló wà tó lè gbà. Ó lè bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n dín owó tí òun ń fi pamọ́ kù láti ₦20,000 sí ₦12,000. ₦8,000 tó padà wọlé yóò dí àlàfo náà, ₦1,200 yóò sì ṣẹ́ kù. Ẹgbẹ́ mìíràn kì í gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀yáwó bá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bèèrè òfin ẹgbẹ́. Tàbí kí ó fi owó ìsinmi ọdún dí i: ₦122,400 yóò gbé ₦81,600 náà kúrò, yóò sì ku ₦40,800. Ti àkọ́kọ́ ló dára jù lójú ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ yìí. Owó ìsinmi kò dájú bí owó oṣù, torí ilé-iṣẹ́ lè sún un síwájú, ó sì sàn kí ó wà nílẹ̀ fún àìsàn tàbí ọ̀ràn òjijì ju kí ó ti di owó ilé kí ó tó dé.

Ohun yòówù kó yàn, ₦61,250 kò gbọdọ̀ sùn nínú àkáǹtì tó ń ná. Báǹkì lè gba àṣẹ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa gbé iye yẹn lọ sí àkáǹtì mìíràn ní ọjọ́ tí owó oṣù bá ń wọlé. Àkáǹtì kejì yìí kò yẹ kó ní káàdì. Bí iye oúnjẹ bá wọ́n sí i, tó fi di ₦70,000, yóò rí i kíákíá pé oúnjẹ ló ń tán owó, kò ní jẹ́ owó ilé ló máa jẹ ẹ́ láìmọ̀. Nígbà tí ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ bá sì parí, ₦25,000 yóò padà dé lóṣù kan náà. Kí oṣù yẹn tó dé ni ó yẹ kí ó ti pinnu ohun tí yóò fi ṣe, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò kàn wọ inú ìnáwó ojoojúmọ́ ni.

Ìṣirò kan náà ló yẹ kí ó ṣe kí ó tó fi owó tuntun ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni. Ká ní ọ̀gá fi ₦50,000 kún owó oṣù rẹ̀, tí wọ́n sì pín in bí wọ́n ṣe pín ti tẹ́lẹ̀. ₦40,000 nínú rẹ̀ bọ́ sí bésíìkì, ilé àti ọkọ̀, nítorí náà ìfẹ̀yìntì yóò fi ₦3,200 lé sí i. Owó ilé gbígbé yóò fi ₦600 lé sí i. Owó tí wọn yóò ṣírò owó orí lé lórí lọ́dún yóò di ₦3,206,400, èyí tó ti kọjá ₦3,000,000 tí ìpele ìdá 15 parí sí. Àwọn kan á bẹ̀rù pé gbogbo owó oṣù àwọn ti bọ́ sí ìdá 18 nìyẹn, kódà a rí àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má fi kún tiwọn. Ìbẹ̀rù tí kò ní ìdí ni. ₦206,400 tó kọjá àlà nìkan ni yóò san ìdá 18. Owó orí oṣù kan yóò kúrò ní ₦23,150, yóò di ₦30,596. Nínú ₦50,000 tí ọ̀gá fi kún un, ₦38,754 ni yóò dé ọwọ́ rẹ̀, ₦4,000 mìíràn láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ yóò sì bá ₦3,200 tirẹ̀ lọ sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì.